Ìdí Tí Wọn Kò Fi Gbé Ẹsẹ̀ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Sókè

Ẹni tó bá ń ti Ọjà'ba lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó gbọ́dọ̀ gun òkè. Orí òkè ni ìjọba amúnisìn kọ́ gbọ̀ngàn náà sí, tí wọ́n sì ṣí i ní 1929, kò sì sí ọjọ́ tí àwọn tó ń gbé yí i ká kì í fẹsẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó bá mojú àdúgbò yìí kì í bi aláìsàn pé, “Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín?” Ta ni kì í rẹ̀ n'Ìbàdàn? Ohun tó máa ń bi wọ́n ni pé, “Màmá, tẹ́ ẹ bá ń gòkè bọ̀ láti ọjà, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń dúró mí kẹ́ ẹ tó délé?”

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú aláìsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bá ní wọ́ọ̀dù ìlú Ìbàdàn la fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 58 ni. Èlùbọ́ ló ń tà l'Ọ́jà'ba, ilé rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Mápó. “Ọmọ mi,” ló wí, “nígbà Iléyá, mi ò kì í dúró rárá. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń dúró. Tó bá wá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ńṣe ni mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà onílé.”

Àárẹ̀ ọkàn ni dókítà sọ pé ó ń ṣe é: ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ta ẹ̀jẹ̀ kiri ara bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ tí olùkọ́ sì gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kó kọ ètò ìtọ́jú fún ìyá yìí. Ìwé tí wọ́n ń kọ ètò náà sí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wa ní òpó bíi márùn-ún: ìṣòro aláìsàn, ibi tí nọ́ọ̀sì fẹ́ mú un dé, ohun tó máa ṣe, ìdí abájọ ohun tó fẹ́ ṣe, àti àbọ̀ bó ṣe lọ. Òpó kẹrin, ti ìdí abájọ, ni máàkì máa ń ṣubú sí jù. Kì í ṣe pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀. Ìwé kún fún un, wọ́n sì lè dà á kọ. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ìdí tí wọ́n dà kọ lè jẹ́ òótọ́ fún aláìsàn mìíràn, kó sì jẹ́ ewu fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìyá náà. Ó wú títí dé orúnkún. Bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ọjà kò wọlé mọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ojú ibẹ̀ á jin, kò sì ní tètè padà sípò. Ní ìwé ètò ìtọ́jú ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, gbólóhùn tó máa ń tẹ̀ lé àkíyèsí yìí ni: “Gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sórí ìrọ̀rí méjì.” Ìdí abájọ: “Kí omi lè ti ẹsẹ̀ padà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí wíwú náà lè lọ sílẹ̀.” Kò sí irọ́ níbẹ̀. Omi náà á padà lóòótọ́. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bi ara rẹ̀ ni pé, tó bá padà, ibo ló ń lọ?

Ká tó dáhùn, ó yẹ ká mọ ohun mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ rí lára rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọ wọ́ọ̀dù. Ìyá náà ń mí lẹ́ẹ̀méjìlélógún ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó tì í, ó sì di ọgbọ̀n nígbà tí wọ́n ní kó rọra sùn sílẹ̀ kí wọ́n lè yẹ ikùn rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ níka fi hàn pé ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 88 nínú 100. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 168/104, ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní 112 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé etí sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́yà, ó gbọ́ ohùn kan tó ń ta pàrà-pàrà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì bó ṣe ń fa èémí wọlé. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ gàgàrà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ̀yìn ti ibùsùn tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń sùn lé nílé, ó sì máa ń ta jí lóru, á lọ dúró sójú fèrèsé kó lè rí afẹ́fẹ́.

Òṣùwọ̀n sọ pé kìlógíráàmù 81 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè káàdì ilé ìwòsàn tí ìyá náà ti ń gba oògùn tẹ́lẹ̀, ó sì rí i pé 74 ni ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ẹni tí oúnjẹ kì í wọlé sí lẹ́nu mọ́, tó fi kílò méje sára láàárín oṣù méjì! Omi ni.

Ibo ni omi yìí ti wá? Bí ọkọ̀ kan bá kú sáàárín oríta Bẹ̀ẹ̀rẹ̀, kì í ṣe iwájú rẹ̀ nìkan ni ọ̀nà ti ṣófo. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á ti bẹ̀rẹ̀, títí dé ibi tí kò sẹ́ni tó rò pé ó lè dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pẹ̀lú ọkàn tó ti rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí apá òsì ọkàn kò lè tà síwájú á kó jọ sẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn inú ẹ̀dọ̀fóró, omi inú ẹ̀jẹ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú àwọn àpò kéékèèké tó yẹ kí atẹ́gùn wà. Ìyẹn ló ń dún pàrà-pàrà. Èyí tí apá ọ̀tún kò lè tà á kó jọ sí iṣan ọrùn, sí ẹ̀dọ̀, àti sí ẹsẹ̀. Níwájú ọkàn, kíndìnrín kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, ó sì gbà pé omi ló tán nínú ara. Ló bá ń fi ránṣẹ́ kiri pé kí ara má ṣe jẹ́ kí iyọ̀ àti omi jáde. Ìyá tó ti kún fún omi tẹ́lẹ̀ wá ń tọ́ omi mìíràn jọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, l'Ábẹ́òkúta, àwọn dókítà kọ orúkọ aláìsàn àárẹ̀ ọkàn 452 sílẹ̀, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2014. Ó lé ní 78 nínú 100 wọn tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn wọn jẹ́. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò pé 57. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àárẹ̀ ọkàn sábà máa ń dúró de ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ṣì ń ná ọjà ló ń mú. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ mọ̀ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó sì ti dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. A ó padà sórí ìyẹn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìrọ̀rí méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ìyá náà lé. Omi tó bá tibẹ̀ padà, inú iṣan ló ń wọ̀, láti inú iṣan sínú ọkàn, láti ọkàn sínú ẹ̀dọ̀fóró tó ti kún tẹ́lẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyá tó ń mí lẹ́ẹ̀méjìlélógún lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógójì. Ohun tó yẹ kí ètò ìtọ́jú rẹ̀ wí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí yàtọ̀ pátápátá: gbé e jókòó ṣánṣán, fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn àti apá rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí abájọ: ìjókòó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ ara, kí èyí tó ń padà sínú ọkàn lè dín kù, kí ikùn má sì tẹ ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀. Ohun tí ìyá náà ti ń ṣe fúnra rẹ̀ nílé pẹ̀lú ìrọ̀rí mẹ́ta àti ojú fèrèsé nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fetí sí i dáadáa ti gbọ́ ìdí abájọ náà lẹ́nu rẹ̀ kó tó ṣí ìwé.

Ṣé wọn kò ní gbé ẹsẹ̀ náà sókè láé? Wọ́n lè gbé e tó bá di ọjọ́ mìíràn, nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró bá ti mọ́, tí ìyá náà lè sùn sílẹ̀ láìmí gúlegúle. Àkíyèsí ló ń sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yí padà, kì í ṣe orúkọ àìsàn.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti orí àkíyèsí fò lọ sí ohun tó máa ṣe. Àárín wọn ni ìṣòro wà, ìṣòro náà sì gbọ́dọ̀ ní ohun tó fà á. Nígbà tí Lydia Hall ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní 1955 pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìgbésẹ̀ tó ń tẹ̀ léra, ọdún mẹ́ta péré ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH n'Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1973, àwọn nọ́ọ̀sì pé jọ sí ìlú St. Louis láti fún àwọn ìṣòro tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lè mójú tó lórúkọ. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni gbólóhùn alápá mẹ́ta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ti wá: ìṣòro, ohun tó fà á, àti àmì tó fi hàn.

Àwọn kan máa ń kọ ọ́ báyìí: “Èémí kò já gaara nítorí àárẹ̀ ọkàn.” Olùkọ́ á fa ìlà pupa sí i, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa bínú pé kí ló burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé nọ́ọ̀sì kò lè wo àárẹ̀ ọkàn sàn pẹ̀lú ìrọ̀rí àti òṣùwọ̀n. Orúkọ àìsàn kò sọ ohun tí nọ́ọ̀sì lè gbá mú. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé: “Ọ́síjìn kò wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó, nítorí omi tó ti wọ àpò atẹ́gùn inú ẹ̀dọ̀fóró, gẹ́gẹ́ bó ṣe hàn nínú ìwọ̀n 88, èémí ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan, ohùn pàrà-pàrà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, àti ìrọ̀rí mẹ́ta tó ń sùn lé,” gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe ti yọjú. Omi inú ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀tá. Gbogbo ohun tó bá wọ òpó kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ń dín omi náà kù, tàbí ohun tó ń jẹ́ kí ọ́síjìn wọlé títí omi fi máa gbẹ.

Ọ́síjìn gan-an ní ìdí tirẹ̀ tó yẹ kí wọ́n kọ dáadáa. “Fún aláìsàn ní ọ́síjìn kó lè mí dáadáa” kò tó. Ìyá yìí ń gbà á nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ kò tó 90. Bó bá jẹ́ 96 ni, kò yẹ kí wọ́n kàn fi í sí i nímú nítorí pé ó ń mí gúlegúle, torí ọ́síjìn tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lè mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, kí iṣẹ́ ọkàn sì tún le sí i. Fún ìdí yìí, ètò náà sọ ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n fẹ́ kó dé, ìyẹn 94 lọ sókè láàárín wákàtí kan, àti pé wọ́n á máa dín in kù bó bá ti dé ibẹ̀. Àfojúsùn tí kò ní iye àti àkókò, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá wọ́n bá a tàbí wọn kò bá a.

Ìṣòro kejì ni omi tó pọ̀ jù nínú ara. Ibí yìí ni òṣùwọ̀n ti wúlò ju ohunkóhun lọ, nítorí pé lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Kílò méje tó fi kún 74 túmọ̀ sí nǹkan bí lítà méje omi. Àmọ́ wíwọ̀n náà ní òfin: àárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun, aṣọ kan náà, òṣùwọ̀n kan náà. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án òní lẹ́yìn àmàlà, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọ̀la, ìyàtọ̀ tí wọ́n máa rí kò ní í ṣe pẹ̀lú oògùn rárá. Ìdí abájọ tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ “máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́” nìyẹn, dípò “kí a lè mọ ìwọ̀n rẹ̀,” tó kàn tún ọ̀rọ̀ sọ.

Dókítà ti kọ fúrósímáìdì fún un, èyí tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Lásíìsì, abẹ́rẹ́ sínú iṣan. Nọ́ọ̀sì kọ́ ló pàṣẹ oògùn, àmọ́ ó ní ohun púpọ̀ tó máa kọ sórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, agbára rẹ̀ sì máa ń ga jù ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì tó fún un, ó yẹ kó wọn ìfúnpá, kó sì rí i pé póò ìtọ̀ wà nítòsí, torí ìyá tó ń mí gúlegúle kò gbọ́dọ̀ máa sáré lọ sí ilé ìtọ̀ ní òpin wọ́ọ̀dù. Ìwọ̀n kejì ti ọjọ́ náà kò yẹ kó kọjá ọ̀sán, bí dókítà bá fara mọ́ ọn. Bó bá di aago mẹ́wàá alẹ́ kí wọ́n tó fún un, gbogbo òru ni ìyá náà á fi máa dìde, àárẹ̀ á sì kún àárẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, akẹ́kọ̀ọ́ kọ pé òun á máa wo bí ìtọ̀ ṣe ń jáde ní wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́, pé bí kò bá tó 100 mílílítà ní wákàtí kan, òun á sọ fún dókítà kíákíá, nítorí pé oògùn náà kò tíì ṣe iṣẹ́ tó.

Fúrósímáìdì kì í lé omi jáde lásán. Ó ń lé pòtásíọ̀mù jáde pẹ̀lú. Ìwọ̀n tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 3.5 sí 5.0. Ní ọjọ́ kẹta, èsì yàrá ìdánwò fi 3.2 hàn, ìyá náà sì sọ pé ẹsẹ̀ ń pa òun bí ẹni tí iṣan rẹ̀ fẹ́ dì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá so àwọn nǹkan pọ̀ á kọ “ẹsẹ̀ ń dùn ún” sí apá kan, á sì kọ èsì sí apá kejì. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ á gbé e lọ bá dókítà kí lílù ọkàn tó dàrú. Kò sì ní sáré sọ fún ìyá náà pé kó máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ púpọ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń fún alárẹ̀ ọkàn, bíi lisinópírìlì àti sípíróníláktóònù, máa ń gbé pòtásíọ̀mù sókè. Ìmọ̀ràn kan náà lè ṣe é lóore lónìí, kó sì pa á lára lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì tó fi hàn bí àṣìṣe ṣe ń wọlé. Ìwé tí wọ́n ń kọ omi tó wọlé àti èyí tó jáde sí sọ pé ìyá náà mu 1,500 mílílítà, ó sì tọ 900. Ìyẹn ni pé omi ti fi 600 kún inú rẹ̀. Òṣùwọ̀n àárọ̀ ọjọ́ kẹta ní tirẹ̀ sọ pé ó ti fi 0.9 kílò jò. Òógùn àti èémí máa ń gba omi díẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ọmọ ìyá náà obìnrin tó wá sùn tì í ló sọ òótọ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo da póò náà nù lóru. Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n.” Lọ́jọ́ náà ni ètò ìtọ́jú ti fi ìlà kan kún un: kọ́ ẹbí aláìsàn bí wọ́n ṣe ń pa ìtọ̀ mọ́ fún wíwọ̀n. Ní wọ́ọ̀dù wa, níbi tí ẹbí ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, ẹni tó bá kọ ètò láìka ẹbí sí ti kọ ọ́ fún ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Bó bá kan oúnjẹ, ìbéèrè gbọ́dọ̀ jinlẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ máa ń jẹ iyọ̀ púpọ̀?”

“Iyọ̀ kẹ̀? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni mi ò ti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ mọ́. Magí nìkan ni mo ń lò.”

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dúró síbẹ̀ á kọ “aláìsàn kì í jẹ iyọ̀” sínú ìwé rẹ̀, irọ́ ló sì kọ. Nǹkan bí ìdajì ìwúwo horo magí jẹ́ iyọ̀. Èyí tó tún farasin ju magí lọ ni kánún. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ máa ń fi kánún sínú ewédú kó lè yọ̀, ó sì máa ń jù ú sínú ẹ̀wà gbẹ̀gìrì kó lè tètè jinná. Kò sí adùn iyọ̀ lẹ́nu kánún, àmọ́ sódíọ̀mù ló kún inú rẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú iyọ̀ tí kíndìnrín rẹ̀ ń fi ipá dì mú. Bí sódíọ̀mù bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé e. Àwo àmàlà kan pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, oúnjẹ Ìbàdàn tó dùn jù, lè gba ọ̀nà mẹ́ta kó sódíọ̀mù wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìgò iyọ̀.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ kì í ṣe “gba aláìsàn níyànjú kó jẹ oúnjẹ tí kò níyọ̀.” Ó kọ pé òun á jókòó pẹ̀lú ìyá náà àti ọmọ rẹ̀, wọ́n á jọ sọ bí wọ́n ṣe lè fi ìjábẹ̀ nìkan po ewédú láìlo kánún, kí wọ́n rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kó lè jinná láìsí i, kí irú tí wọ́n bá rà má sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi iyọ̀ sí, kí magí má sì ju ìdajì horo lọ nínú ìkòkò gbogbo ilé. Ìdí abájọ rẹ̀ dárúkọ kánún, ó dárúkọ kíndìnrín.

Ó yẹ kí òpó yìí ṣe òótọ́ nípa ibi tí ìmọ̀ dé pẹ̀lú. Ní 2022, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà pẹ̀lú alárẹ̀ ọkàn 806 jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Wọ́n gbìyànjú láti mú sódíọ̀mù tí apá kan wọn ń jẹ lọ sí ìsàlẹ̀ 1,500 mílígíráàmù lójúmọ́. Ikú àti ìpadàsílé-ìwòsàn kò dín kù ju ti àwọn yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara tù wọ́n díẹ̀. Ìyẹn kò sọ pé kí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ padà sórí kánún, torí àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ sódíọ̀mù púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ pé “bí kò bá jẹ iyọ̀ rárá, kò ní padà wá sí ilé ìwòsàn” ti ṣe ìlérí tí ẹ̀rí kò gbè é lẹ́yìn. Kó kọ ọ́ pé dídín in kù á dín omi tí ara ń dì mú kù. Ìyẹn tó.

Oògùn tó dá dúró ńkọ́? “Kò mọ pàtàkì oògùn” ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ, wọ́n á sì fi “kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́” tì í. Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè, ó sì gbọ́ ìdí méjì. Èkíní ni pé ara rẹ̀ ti yá. Èkejì, tó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti jáde, ni pé owó oògùn oṣù kan ń jẹ èrè èlùbọ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ̀kọ́ lè wo èkíní. Kò lè wo èkejì. Nítorí náà, apá yìí nínú ètò náà pín sí méjì: wọ́n á fi ìwọ̀n ìfúnpá 168/104 hàn án, kó lè rí i pé ìfúnpá lè ga láìsí orí fífọ́, wọ́n á sì bá dókítà àti òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ bóyá oògùn tí owó rẹ̀ fúyẹ́ jù wà, àti bóyá ìyá náà lè forúkọ sílẹ̀ fún ètò adójútòfò ìlera.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, òṣùwọ̀n ti lọ láti 81 sí 80.1, sí 79.2, sí 78.6. Ìwọ̀n ọ́síjìn jẹ́ 95 láìsí rọ́bà nímú, èémí di ogún ní ìṣẹ́jú kan, ohùn pàrà-pàrà sì kù sí apá ọ̀tún nìkan. Pòtásíọ̀mù ti padà sí 3.7. Ìyá náà sùn lé ìrọ̀rí kan lóru. Nínú òpó àbọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kọ pé wọ́n bá àfojúsùn ìṣòro èémí, ó sì kọ pé ti omi ṣẹ díẹ̀, kò tíì ṣẹ tán: ó ti já 2.4 kílò, ó ṣì ku 4.6 kó tó padà sí 74, ẹsẹ̀ sì ṣì ń jin títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń bẹ̀rù láti kọ “kò tíì ṣẹ tán,” wọ́n rò pé á dín máàkì wọn kù. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á wo nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀, á sì wò ó bóyá àbọ̀ náà bá a mu.

Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ètò náà jẹ́ ti ọjọ́ tí ìyá náà máa lọ sílé. Bó bá fi ju kílò méjì lọ kún láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó padà wá, kó má dúró de ìgbà tí bàtà kò ní wọlé mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni ọmọ ìyá náà bá béèrè pé òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fẹ́ lò, nígbà tí kò sí ọ̀kan nílé. Wọ́n fi ìlà kan kún un: ó máa wọ̀n ara rẹ̀ ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọn jù, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Jímọ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà, kó máa kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì rẹ̀, kó sì kọ iye ìgbà tó dúró mí nígbà tó ń gòkè bọ̀ lánàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.